Mémò Ojú Ìwé Kan fún Ìjábọ̀ Títà Oṣù Mẹ́ta: Bí Máníjà Ẹ̀ka Ṣe Lè Gbára Lé E

Ìjábọ̀ títà oṣù mẹ́ta lè ní ojú ìwé ogún. Mémò tí a máa ń so mọ́ iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, òun sì ni máníjà ẹ̀ka máa kà kó tó gbé fóònù nígbà tí ọ́fíìsì àgbà bá pè é láti Ìkẹjà. Ohun tó bá wà nínú mémò yẹn ni yóò sọ. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí bó ṣe máa rántí rẹ̀ lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn àkíyèsí ló le jù láti kọ: ibo ni iye kan ti lè ṣini lọ́nà, báwo ni àṣìṣe náà ṣe pọ̀ tó, ṣé ó ń gbé iye náà ga ni àbí ó ń fà á wálẹ̀. Kéèyàn kọ ọ́ pé "ẹ fi sọ́kàn pé iye yìí lè yí padà" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n "400 páálí nínú rẹ̀ kò tíì jáde ní sítọ́ọ̀" jẹ́ ohun tí máníjà lè lò.

Àpẹẹrẹ tí a máa gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ẹ̀ka kan ní Yábàá tó ń ta ohun mímu ní páálí-páálí fún àwọn tó ń tún un tà ní Tẹ́júoṣó, Òyìngbò àti Ojúẹlẹ́gba. Oríṣi ọjà méjì péré la fún un, ẹlẹ́rìndòdò àti júùsì, kí ìṣirò má bàa dojú rú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2025 la fẹ́ fi wé ti 2024. Iye títà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ, àmọ́ àwọn ọjọ́ ọdún àti ìsinmi jẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú kàlẹ́ńdà.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé irú kan náà ni iye méjèèjì tí ẹ fẹ́ fi wéra. Owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1 Oṣù Kejì 2020. Tí iye ọdún yìí bá wá láti inú ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì, tí owó orí sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé inú ìwé akáwǹtì tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò ni iye 2024 ti wá, títà á dà bíi pé ó fi ìdá 7.5 gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta páálí kan lé e. Ẹ mú rìsíìtì kan nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ wá a rí nínú síìtì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iye àpapọ̀ ìsàlẹ̀ rìsíìtì ni síìtì gbé, tàbí iye tó wà kó tó di pé wọ́n fi owó orí kún un. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti yọ ọjà tí oníbàárà dá padà kúrò nínú ọdún méjèèjì. Tí èyí bá ti dọ́gba, ó tó.

Ẹ ya owó ọjà kúrò lára iye páálí

Bí síìtì ẹ̀ka Yábàá ṣe rí nìyí, láti òpó A dé òpó E:

| Ọjà | Páálí 2024 | Owó páálí kan, 2024 | Páálí 2025 | Owó páálí kan, 2025 |
|---|---|---|---|---|
| Ẹlẹ́rìndòdò | 8,000 | ₦5,000 | 7,000 | ₦6,800 |
| Júùsì | 2,000 | ₦10,000 | 2,000 | ₦12,200 |

Àpapọ̀ títà jẹ́ ₦60 mílíọ̀nù ní 2024, ó sì di ₦72 mílíọ̀nù ní 2025. Ó fi ₦12 mílíọ̀nù gòkè, ìyẹn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mémò bá dúró síbẹ̀ yẹn, inú máníjà á dùn, ọ́fíìsì àgbà á sì gbé tágẹ́ẹ̀tì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ páálí tó jáde ti dín láti 10,000 sí 9,000. Iye tí páálí tó dín kó lọ, àti iye tí owó tó gòkè mú wọlé, ni máníjà nílò. Fọ́múlà méjì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀:

```
=(D2-B2)*C2
=(E2-C2)*D2
```

Ti òkè ń fi owó 2024 ṣírò páálí tó dín. Ti ìsàlẹ̀ ń fi páálí 2025 ṣírò owó tó gòkè. Fún ẹlẹ́rìndòdò, páálí tó dín kó ₦5 mílíọ̀nù lọ, owó tó gòkè sì mú ₦12.6 mílíọ̀nù wá. Júùsì kò dín rárá; owó tó gòkè lórí rẹ̀ mú ₦4.4 mílíọ̀nù wá. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé owó ọjà mú ₦17 mílíọ̀nù wá, páálí gba ₦5 mílíọ̀nù lọ nínú rẹ̀, ó ku ₦12 mílíọ̀nù.

Ọjà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ṣe é fún, kì í ṣe àpapọ̀. Ìpíndọ́gba owó páálí kan jẹ́ ₦6,000 ní 2024 àti ₦8,000 ní 2025. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣírò á rí i pé páálí gba ₦6 mílíọ̀nù, owó sì mú ₦18 mílíọ̀nù wá. Èyí náà fún wa ní ₦12 mílíọ̀nù, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà kì í fi í hàn sójú. Mílíọ̀nù kan tó lé níbẹ̀ kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni fi kún ọjà. Júùsì ló wọ́n jù, ìpín rẹ̀ nínú páálí tó jáde sì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ìpíndọ́gba gòkè fúnra rẹ̀. Tí máníjà bá lọ sọ ₦18 mílíọ̀nù níwájú àwọn ọ̀gá, tí ẹnì kan tó ní ìwé owó ọjà lọ́wọ́ sì ṣírò rẹ̀, kò ní bá a mu.

Ẹ wọn àkíyèsí kọ̀ọ̀kan

Etí oṣù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2025, ọjọ́ Àìkú 30 Oṣù Kẹta ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ìjọba sì fún gbogbo ènìyàn ní ìsinmi lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Àbámẹ́ta 29 ló wá di ọjọ́ iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn fún ẹ̀ka náà. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kọ ínfóísì 400 páálí ẹlẹ́rìndòdò fún oníbàárà kan ní Òyìngbò. Àmọ́ ẹ wo wébíìlì rẹ̀: Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin, ni déètì tó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFRS 15, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2018, sọ pé ìgbà tí ọjà bá bọ́ sábẹ́ àṣẹ oníbàárà la ń kà á sí títà. Ínfóísì nìkan kò sọ ọ́ di títà. Nígbà míì oníbàárà lè fúnra rẹ̀ ní kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú ọjà tó ti di tirẹ̀, nítorí náà ẹ bi akáwǹtì léèrè kẹ́ ẹ tó yọ iye kankan.

Ní ti ẹ̀ka yìí, kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. 400 páálí ní ₦6,800 jẹ́ ₦2.72 mílíọ̀nù. Tí a bá yọ ọ́, títà á di ₦69.28 mílíọ̀nù, èyí tó fi ìdá 15.5 ju ti 2024 lọ, ẹlẹ́rìndòdò á sì di 6,600 páálí. Ẹ má ṣe yí iye inú ìjábọ̀ padà ní ìdákẹ́jẹ́. Iye tó wà nínú mémò gbọ́dọ̀ bá ti ìjábọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu, torí náà ẹ kọ iye ìjábọ̀, kẹ́ ẹ wá kọ iye tó kù lẹ́yìn àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣe àyẹ̀wò kan náà fún etí yòókù: ọjà tí wọ́n kọ ínfóísì rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá tó jáde ní Oṣù Kìíní, àti ìparí Oṣù Kẹta 2024, tí òun náà bọ́ sínú ìsinmi Àjíǹde. Àtúnṣe tí a ṣe fún ọdún kan ṣoṣo ń ba ìfiwéra jẹ́ ni.

Àkíyèsí kejì wà nínú sítọ́ọ̀ gan-an. Ọjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní káàdì tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fi ń kọ ohun tó wọlé, ohun tó jáde àti ohun tó kù. Ẹ gba káàdì ẹlẹ́rìndòdò, kẹ́ ẹ fi ìka tọ òpó tó kẹ́yìn wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sàmì sí gbogbo ọjọ́ tó bá ka òdo. Ní ẹ̀ka Yábàá, ọjọ́ títà mẹ́fà nínú Oṣù Kejì ni ẹlẹ́rìndòdò ti tán pátápátá. Páálí tó dín lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò sọ ohunkóhun fún wa nípa bóyá àwọn oníbàárà ṣì fẹ́ ọjà náà, torí pé kò sí ohun tí wọ́n máa rà.

Báwo la ṣe máa wọn èyí? Tí a bá yọ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún tuntun kúrò, Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì 2025 ní ọjọ́ títà 50. Tí a bá tún yọ ọjọ́ mẹ́fà tí ọjà tán, ó ku 44. Páálí 4,000 ló jáde láàárín wọn, ìyẹn bíi 91 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà wá jẹ́ bíi 550 páálí. A kò fi ti Oṣù Kẹta kún ìṣirò yìí, torí pé ọjà ààwẹ̀ lè ti gbé títà ojoojúmọ́ rẹ̀ ga. Ẹ sọ nínú mémò pé ó ṣeé ṣe kí 550 yẹn pọ̀ jù, torí pé oníbàárà míì á ti padà wá rà á nígbà tí ọjà dé. Ẹlẹ́rìndòdò fi 1,400 páálí dín lẹ́yìn àtúnṣe etí oṣù. Tí a bá yọ 550, ó ku bíi 850 tí ọjà tó tán kò lè ṣàlàyé.

Ẹ̀kẹta ni kàlẹ́ńdà, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti ṣọ́ ẹnu jù. Ààwẹ̀ 2024 bẹ̀rẹ̀ ní 11 Oṣù Kẹta, ó sì parí ní 9 Oṣù Kẹrin, nítorí náà ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, tí àwọn èèyàn ń ra ọjà ọdún, bọ́ sínú oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ti 2025 wà nínú Oṣù Kẹta látòkè délẹ̀. Tí ẹ bá wo èyí nìkan, 2025 ló yẹ kó tà jù. Ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde 2024 jẹ́ 31 Oṣù Kẹta, ti 2025 sì jẹ́ 20 Oṣù Kẹrin. Ọjà Àjíǹde wà nínú iye 2024, kò sí nínú ti 2025. Ọ̀kan ń ti ìfiwéra sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan kò sì lè sọ èyí tó wúwo jù fún wa.

Ohun tí a lè ṣe ni pé ká wo oṣù tí ààwẹ̀ tàbí Àjíǹde kò sí nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní àti Kejì, ẹlẹ́rìndòdò dín láti 4,900 sí 4,000. Nínú 900 yẹn, ọjà tó tán lè kó 550, ó ku 350 tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ààwẹ̀ tàbí Àjíǹde. (Oṣù Kejì 2024 fi ọjọ́ kan gùn ju ti 2025 lọ, àmọ́ ìyẹn kò ju ọgọ́rùn-ún páálí lọ.) Ní Oṣù Kẹta, tí ọjà wà ní sítọ́ọ̀ lójoojúmọ́, ó dín láti 3,100 sí 2,600. 500 yìí ni Àjíǹde lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di ìparí Oṣù Kẹrin ká tó mọ̀, nígbà tí a bá lè fi Oṣù Kẹta àti Kẹrin papọ̀ wé ti 2024. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ ti wọ̀n, ohun tí ẹ kò tíì lè wọ̀n, àti ọjọ́ tí ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Mémò náà gan-an

Bí òfíìsì yín bá ń kọ mémò lédè Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè dá dúró, torí òun ni wọ́n máa ń dà kọ sórí Wọ́tsáàpù tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sókè. Àkíyèsí tó bá yí iye pàtàkì padà gbọ́dọ̀ wà nínú ìpínrọ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà. Àkíyèsí tó bá wà nísàlẹ̀ ìwé kì í bá ìpínrọ̀ òkè rìn.

> Sí: Máníjà, Ẹ̀ka Yábàá
> Láti: Ọ́físà Títà
> Déètì: 8 Oṣù Kẹrin 2025
> Ọ̀rọ̀: Títà Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta 2025: owó gòkè, páálí ẹlẹ́rìndòdò dín
>
> Ẹ kú iṣẹ́, mà.
>
> Títà wa jẹ́ ₦72 mílíọ̀nù, ó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 2024 lọ. ₦2.72 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ (400 páálí) kò jáde ní sítọ́ọ̀ títí di 2 Oṣù Kẹrin. Láìsí i, títà jẹ́ ₦69.28 mílíọ̀nù, ìdá 15.5 ju ti 2024. Owó ọjà tó gòkè ló mú gbogbo àfikún náà wá. Páálí tó jáde dín.
>
> Ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló dín: láti 8,000 páálí sí 6,600, lẹ́yìn tí a ti yọ 400 òkè yẹn. Júùsì dúró sí 2,000.
>
> Ẹlẹ́rìndòdò tán ní sítọ́ọ̀ fún ọjọ́ títà mẹ́fà nínú Oṣù Kejì. A ṣírò rẹ̀ sí bíi 550 páálí, ó sì lè kéré sí i. Bíi 850 ló kù tí èyí kò ṣàlàyé.
>
> Àjíǹde 2024 wà nínú Oṣù Kẹta. Ti ọdún yìí jẹ́ 20 Oṣù Kẹrin. Ààwẹ̀ ọdún yìí wà nínú Oṣù Kẹta tán. Ti 2024 wọ Oṣù Kẹrin. A kò tíì lè wọn ohun tí èyí fà. Ẹ máa rí ìṣirò Oṣù Kẹta àti Kẹrin papọ̀ gbà ní 7 Oṣù Karùn-ún.
>
> Ohun méjì tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí: kí sítọ́ọ̀ máa béèrè ọjà tuntun tí ẹlẹ́rìndòdò bá ti ku 400 páálí, torí pé ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà kó tó dé, àti kí tágẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ dá lórí iye páálí, kì í ṣe lórí ìdá 20 yẹn.

Ẹ wo ibi tí 400 páálí ti wá nínú ìbéèrè ìkẹyìn: títà ojoojúmọ́ wà láàárín 91 àti bíi 104 (2,600 páálí láàárín ọjọ́ títà 25 ní Oṣù Kẹta), ọjọ́ mẹ́ta ni ọjà fi ń wà lọ́nà, ọjọ́ kan sì wà fún gó-síló. Ìbéèrè tí kò bá ní irú ìṣirò yìí lẹ́yìn, máníjà kò ní lè gbè é níwájú ẹni tó ń fún un lówó.

Ọ̀rọ̀ "nítorí pé"

Kò sí ibì kankan nínú mémò òkè yẹn tí a ti sọ pé páálí dín nítorí pé owó gòkè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìjábọ̀ títà kò fi hàn. Kí èèyàn tó lè sọ ọ́, ó kéré tán, ó yẹ kó mọ ọ̀sẹ̀ tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀, kó sì wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ yẹn ni páálí bẹ̀rẹ̀ sí í dín tàbí ó ti ń dín ṣáájú. Ó tún yẹ kó wo iye oníbàárà: ṣé àwọn kan kò wá mọ́ ni, àbí gbogbo wọn ṣì ń wá àmọ́ wọ́n ń ra ìwọ̀nba? Ẹni tó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì àti ẹni tó dín ohun tó ń rà kù kò ní ìdí kan náà, ohun tí ẹ̀ka lè ṣe nípa wọn sì yàtọ̀. Júùsì náà gbówó lé, kò sì dín. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kéèyàn rọra lo "nítorí pé". Bí ẹ bá fẹ́ sọ èrò yín, ẹ kọ "a fura pé", kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó máa fi hàn bóyá ẹ ṣì í.

Tí máníjà bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá nípa ọjà etí oṣù, torí pé ìdá 20 dùn ún gbọ́ ju 15.5 lọ. Ẹ lè kúrú gbólóhùn náà, ẹ lè fi sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà. Ẹ má yọ iye náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi wébíìlì náà hàn án, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé pé páálí kan kì í jáde lẹ́ẹ̀mejì: tí 400 yìí bá dúró sínú Oṣù Kẹta, kò ní sí nínú Oṣù Kẹrin, ìdínkù tó bá sì hàn nígbà yẹn, òun náà ni wọ́n máa pè láti Ìkẹjà pé kó wá ṣàlàyé. Àwọn ọ́dítọ̀ náà lè yẹ wébíìlì tó sún mọ́ ìparí oṣù mẹ́ta wò, déètì rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ka ọjà. Tó bá ṣì takú, ẹ fi mémò náà ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ìmeèlì pẹ̀lú iye méjèèjì, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà wébíìlì náà sínú fáìlì oṣù mẹ́ta yẹn.